Owó Késárì dé Kátéèjì: bí ìgbàgbọ́ Kọnsitantáìnì ṣe so ìjọ mọ́ ìjọba

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní kíláàsì Bíbélì wa, wọ́n ní nígbà tí Kọnsitantáìnì di Kristẹni, ó pàṣẹ pé ẹ̀sìn Kristi ni ẹ̀sìn ìjọba Róòmù, ó tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbàgbọ́. Báwo ni ìgbàgbọ́ ẹnì kan ṣe wá yí gbogbo bí ìjọ àti ìjọba ṣe ń bá ara wọn lò padà? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?*

Kò sí àṣẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún 380 ni Késárì Tẹodósíù ṣe òfin tó sún mọ́ ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn, Kọnsitantáìnì sì ti kú láti ọdún 43 sẹ́yìn nígbà náà. Ohun tí òun àti Lisíníù, tí wọ́n jọ ń ṣàkóso, fẹnu kò sí ní Mílánì ní 313 ni pé kí oníkálukú máa sin ohun tó wù ú, kí wọ́n sì dá ilé àti ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni padà fún wọn. Owó ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ìbéèrè tí owó máa ń bí: ta ni kí wọ́n kó o fún? Ìlú Kátéèjì, ní etí òkun orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, la ti lè rí i kedere jù, torí pé àwọn tó bá ara wọn jà níbẹ̀ kó lẹ́tà àti ìwé ẹjọ́ pamọ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà títí dòní.

Kí ó tó dìgbà náà, ẹ̀sìn kò fìgbà kan jìnnà sí ìjọba Róòmù. Késárì fúnra rẹ̀ ni olórí àwọn àwòrò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé inú àwọn òrìṣà dùn sí ilẹ̀ ọba, kí ogun má wọlé, kí ọkà má kùnà. Èyí kò ṣòro fún àwa láti lóye, àwa tí a mọ̀ pé kò sí ọdún òrìṣà tí kò kan kábíyèsí, ohun yòówù kí kábíyèsí fúnra rẹ̀ máa sìn. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrò Róòmù kì í ṣe ẹgbẹ́ tó dá dúró. Àwọn ọlọ́lá ìlú ló ń jẹ oyè àwòrò bí wọ́n ṣe ń jẹ oyè mìíràn. Àwọn Kristẹni ló yàtọ̀. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yàn fúnra wọn, wọ́n ní àpò owó tiwọn, wọ́n ń parí ẹjọ́ láàárín ara wọn, lẹ́tà sì ń lọ láti ìjọ dé ìjọ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣì jẹ́ ará àti ẹni tí wọ́n ti yọ.

Wọ́n ti gbé ẹjọ́ wá fún Késárì kan ṣáájú Kọnsitantáìnì, Késárì náà kì í sì í ṣe Kristẹni. Ní Áńtíókù, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù yọ Pọ́ọ̀lù ará Samosátà nípò nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ̀, kò jáde nínú ilé ìjọ. Ní nǹkan bíi 272, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Késárì náà, Ọrílíánì. Ó ní kí wọ́n kó ilé náà fún àwọn tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ítálì àti ti Róòmù ń kọ lẹ́tà sí. Ó parí ẹjọ́ ilé bí ẹni ń parí ẹjọ́ ilé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èwo ni ẹ̀kọ́ òtítọ́ nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn kò kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé irú ẹjọ́ kan náà ló dé iwájú Kọnsitantáìnì, tí òun ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó kúrò níbẹ̀.

Ìdí ìjà Kátéèjì ni inúnibíni tí Késárì Dáyókílíṣánì bẹ̀rẹ̀ ní Fẹ́búárì 303. Àṣẹ jáde pé kí wọ́n wó ilé ìsìn, kí wọ́n sì sun Ìwé Mímọ́. Àwọn alákòóso ìlú ló máa ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní láti kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà, láti ìlú Sẹ́tà ní Numídíà, lápá ibi tó di Àlùjíríà lónìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 303, olórí ìlú wọ ilé tí àwọn Kristẹni ti ń pàdé, akọ̀wé sì ń kà: ife wúrà 2, ife fàdákà 6, ìkòkò fàdákà kan, fìtílà fàdákà 7, aṣọ obìnrin 82, aṣọ ọkùnrin 16, bàtà ọkùnrin 13, bàtà obìnrin 47. Aṣọ tí ìjọ ń fún tálákà ni àwọn aṣọ wọ̀nyẹn, ó jọ bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, igbákejì díákónì kan tó ń jẹ́ Silifánù gbé àpótí fàdákà kan jáde, ó ní ẹ̀yìn ìkòkò kan lòun ti rí i. Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí.

Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, àwọn tó kó ìwé sílẹ̀ fún ìjọba di ẹni ẹ̀gàn. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ará Áfíríkà, bí wọ́n ṣe ń pe agbègbè Kátéèjì nígbà náà, gbà pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ ti di aláìmọ́, ẹni tó bá sì gbé ọwọ́ náà lé lórí kò gba nǹkan kan. Ní nǹkan bíi 311, bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì kú, wọ́n sì fi díákónì rẹ̀, Sẹsilíánù, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní kánkán, wọn kò dúró de àwọn bíṣọ́ọ̀bù Numídíà. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọwọ́ lé e, Fẹ́líìsì ará Abitúńgì, sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó kó ìwé sílẹ̀. Sẹsilíánù tún ní ọ̀tá tó lówó lọ́wọ́. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Lùsílà, ní egungun ajẹ́rìíkú kan tó máa ń fi ẹnu kò kí ó tó gba ara Olúwa. Sẹsilíánù ti bá a wí lójú gbogbo ìjọ nígbà tó ṣì jẹ́ díákónì. Àádọ́rin bíṣọ́ọ̀bù láti Numídíà pàdé ní Kátéèjì, wọ́n ní Sẹsilíánù kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi Majorínù, ará ilé Lùsílà, jẹ. Majorínù kò pẹ́ kó tó kú, Donátù ló rọ́pò rẹ̀, orúkọ Donátù yìí ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo ẹgbẹ́ náà títí dòní.

Títí dé ibí yìí, ìjà inú ilé ni. Ká ní Késárì tí kò gbàgbọ́ ló wà lórí oyè, bóyá ni ẹnikẹ́ni ní ààfin ì bá gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 312, Kọnsitantáìnì ṣẹ́gun Masẹ́ńṣíù, tó ń bá a du oyè, lẹ́bàá afárá kan lẹ́yìn odi Róòmù. Ohun tó rí tàbí tó lálàá rí ṣáájú ogun náà, ẹni méjì tó sún mọ́ ọn ló kọ ọ́, ìtàn wọn kò sì bára mu. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó gbà pé Ọlọ́run àwọn Kristẹni ló fún òun ní ìṣẹ́gun. Kò yí èrò àtijọ́ nípa iṣẹ́ Késárì padà: ó ṣì gbà pé bí Ọ̀run bá bínú, ilẹ̀ ọba á dàrú. Ọlọ́run tí inú rẹ̀ ní láti dùn nìkan ló yí padà. Ìjọsìn Ọlọ́run yìí sì wà lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, kò sí lọ́wọ́ Késárì. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tirẹ̀ lè yọrí, àfi kí tiwọn tọ́.

Masẹ́ńṣíù ló ń ṣàkóso Áfíríkà tẹ́lẹ̀, torí náà ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Kọnsitantáìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé Kátéèjì. Ọ̀kan lọ tààrà sọ́dọ̀ Sẹsilíánù: ó ti sọ fún Úsù, olùtọ́jú owó ìjọba ní Áfíríkà, pé kó san 3,000 fọ́lì, owó ayé ìgbà náà, fún un, kí ó pín in fún àwọn òjíṣẹ́ ìjọ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí Hósíù, bíṣọ́ọ̀bù Kọ́dóbà, fi ránṣẹ́. Bí kò bá tó, kó béèrè sí i lọ́wọ́ alábòójútó àwọn oko ọba. Lẹ́tà kan náà dárúkọ àwọn kan tí ọkàn wọn kò dúró sójú kan, tí wọ́n fẹ́ ba àwọn èèyàn jẹ́. Késárì ní bí Sẹsilíánù bá rí irú wọn, kó lọ bá gómìnà Anulínù. Lẹ́tà kejì lọ sọ́dọ̀ Anulínù fúnra rẹ̀: kí wọ́n yọ àwọn òjíṣẹ́ ìjọ tí Sẹsilíánù jẹ́ olórí rẹ̀ kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, torí pé iṣẹ́ ìlú yẹn wúwo. Àwọn olówó ìlú ló ń gba owó orí fún ìjọba, bí owó náà kò bá sì pé, àpò tiwọn ni wọ́n máa fi dí i. Àwọn ló ń tún ilé ìwẹ̀ ṣe, àwọn ló ń bójú tó ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ yìí ti sọ ẹlòmíràn di òtòṣì. Ìdí tí Késárì fi yọ àwọn àlùfáà níbẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà: kí ohunkóhun má baà fà wọ́n kúrò nínú ìsìn, torí pé ìsìn wọn ló ń ṣe ilẹ̀ ọba láǹfààní jù. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ìlú ni àdúrà wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń sáré wọ iṣẹ́ àlùfáà láti bọ́ lọ́wọ́ owó orí, tí Kọnsitantáìnì kan náà sì tún ní láti ṣòfin pé kí wọ́n má fi wọ́n jẹ àlùfáà mọ́, àfi bí ẹnì kan bá kú tó sì yẹ kí wọ́n rọ́pò rẹ̀; àwọn tálákà ni kí wọ́n mú.

Ẹ wá wo ohun tí lẹ́tà méjèèjì ṣe. Ìjọ méjì wà ní Kátéèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní Kátólíìkì, ìyẹn ìjọ àgbáyé. Owó ọba kò lè lọ sọ́dọ̀ méjèèjì. Orúkọ Sẹsilíánù tó wọ inú lẹ́tà ti dá ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ, bóyá nítorí ìmọ̀ràn Hósíù, tó wà nítòsí Késárì nígbà náà. Ẹni tó bá gba owó ni ìjọ. Ẹni tí kò gbà, oníjàgídíjàgan ni. Ipá tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sà nìyí, ó sì ti sà á láìsí òfin kankan lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Majorínù kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹrin 313, Anulínù kọ̀wé sí Késárì pé àwọn kan kó èrò lẹ́yìn wá bá òun, wọ́n gbé àpò awọ kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ dì wá, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Sẹsilíánù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí Késárì fún wọn ní adájọ́ láti ilẹ̀ Gọ́ọ̀lù, lápá ibi tó di Faransé lónìí, torí pé lábẹ́ bàbá rẹ̀, inúnibíni kò le lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ wí. Ibí yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: àwọn tó padà di ẹni tó lòdì sí Késárì jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ ìjọ lọ bá Késárì.

Kọnsitantáìnì yan bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láti Gọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe béèrè, ó ní kí Militiádè, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, gbọ́ ẹjọ́ náà. Militiádè gbọ́n: ó fi bíṣọ́ọ̀bù Ítálì 15 kún wọn, ohun tí Késárì fẹ́ kó jẹ́ ìgbìmọ̀ adájọ́ bá di sínódù, ìpàdé ìjọ fúnra rẹ̀. Oṣù Kẹwàá 313 ni wọ́n jókòó, Sẹsilíánù sì jàre. Àwọn yòókù pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Késárì tún pe ìgbìmọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Áálì ní Gọ́ọ̀lù, fún ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 314. Lẹ́tà ìpè tó kọ sí bíṣọ́ọ̀bù Sirakúsì ṣì wà: kí ó gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ gómìnà Sísílì, kí ó mú àlùfáà méjì dání, pẹ̀lú ìránṣẹ́ mẹ́ta tí yóò máa tọ́jú wọn lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ àti ẹṣin wọ̀nyẹn wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń jíṣẹ́ Késárì. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tiẹ̀ wá láti Bìrìtéènì. Ọdún 11 péré ni sí ìgbà tí ìjọba kan náà ń ka ìkòkò fàdákà wọn. Níbẹ̀ náà, Sẹsilíánù jàre.

Ẹ tún wo ẹjọ́ Fẹ́líìsì, tí wọ́n ní ó kó ìwé sílẹ̀. Ìjọba ló wádìí èyí, ní kóòtù. Wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàkóso ìlú Abitúńgì ní 303, ọkùnrin tó mú àṣẹ inúnibíni ṣẹ níbẹ̀, láti wá jẹ́rìí bóyá bíṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n rí i pé akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ingẹ́ńtíù ti fi irọ́ kún lẹ́tà ọkùnrin náà láti kó bá Fẹ́líìsì, Fẹ́líìsì kò tiẹ̀ sí nílùú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di 320, Silifánù tí mo ní kí ẹ má gbàgbé ti di bíṣọ́ọ̀bù Sẹ́tà, ó sì wà lẹ́yìn Donátù. Díákónì rẹ̀ bá a jà, gómìnà Numídíà sì ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ 303 sókè ní kóòtù: ife, bàtà, àpótí fàdákà ẹ̀yìn ìkòkò. Nítorí kíkà yẹn la ṣe ní ìwé náà lọ́wọ́ lónìí. Àwọn ẹlẹ́rìí tún sọ níbẹ̀ pé Lùsílà fi 400 fọ́lì ra àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó yọ Sẹsilíánù. Wọ́n lé Silifánù kúrò nílùú.

Ẹ béèrè bí ìgbàgbọ́ ẹnì kan ṣe lè ṣe tó báyìí. Lẹ́tà kan wà tí Késárì kọ sí aláṣẹ rẹ̀ kan ní Áfíríkà kí wọ́n tó pàdé ní Áálì, òun ni mo fi ń dáhùn. Ó ní òun kò gbọdọ̀ fojú pa irú ìjà bẹ́ẹ̀ rẹ́, torí pé ó lè mú Ọlọ́run bínú sí ọmọ aráyé, àti sí òun fúnra òun tí Ọlọ́run fi ayé sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọrílíánì kò lè kọ irú lẹ́tà yìí láéláé. Lójú tirẹ̀, bí àwọn Kristẹni bá ń jà, wọ́n ń jà ni. Lójú Kọnsitantáìnì, ewu ni ìjà náà fún orí òun àti fún ilẹ̀ ọba. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dá ẹjọ́ ilé kó sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí Késárì lè ṣe ní òpin. Ní 316, ó fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà, ó ní Sẹsilíánù kò jẹ̀bi ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń gba ilé ìsìn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Donátù, ológun sì wọ Kátéèjì. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìwàásù kan tí àwọn ọmọ Donátù kọ pamọ́ ṣe sọ. Fún àwọn èèyàn tí ikú ajẹ́rìíkú ni ògo wọn, kò sí ohun tó lè mú wọn le sí i ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Karùn-ún 321, Késárì juwọ́ sílẹ̀: ó kọ̀wé pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdájọ́ Ọlọ́run. Ní 330, àwọn ọmọ Donátù gba ṣọ́ọ̀ṣì tí Késárì fúnra rẹ̀ kọ́ fún àwọn Kátólíìkì, ìyẹn ìjọ Sẹsilíánù, ní Sẹ́tà, ìlú tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pè ní Kọnsitantínà. Kò rán ológun. Ó ní kí àwọn Kátólíìkì ní sùúrù, òun á fi owó ìjọba kọ́ òmíràn fún wọn.

Ọmọ rẹ̀, Kọ́ńsítáńsì, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní 347, ó rán ọkùnrin méjì, Pọ́ọ̀lù àti Makáríù, lọ sí Áfíríkà pẹ̀lú owó tí wọ́n máa pín fún àwọn ìjọ àti àwọn tálákà. Ìgbà yìí ni Donátù bi wọ́n ní ìbéèrè tí gbogbo onímọ̀ ìtàn ìjọ mọ̀: kí ló kan Késárì nínú ọ̀rọ̀ ìjọ? Ó kọ̀wé káàkiri pé kí ẹnikẹ́ni má gba owó náà. Opitátù, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan, dá a lóhùn lẹ́yìn náà pé inú ilẹ̀ ọba ni ìjọ wà, pé ilẹ̀ ọba kò sí nínú ìjọ. Àwọn ológun tẹ̀ lé owó náà, wọ́n sì lé Donátù kúrò nílùú. Kò padà sílé mọ́ títí tó fi kú.

Ìbéèrè Donátù dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó béèrè rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì lè dì í mú. Nígbà tí Júlíánì jọba ní 361, ẹni tó kọ ẹ̀sìn Kristi sílẹ̀ tó padà sídìí àwọn òrìṣà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i pé kó dá ilé ìsìn àwọn padà. Ó dá a padà fún wọn.